Gbèsè Tí Mùkáílà Ò Jẹ

Ní Kofar Marke ní Sókótó, àgbẹ̀ alálùbọ́sà tí ẹ̀rọ ìfami rẹ̀ bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ Mùkáílà Gbádéyan ni wọ́n máa ní kó lọ. Ó ń ta rọ́bà, bẹ́líìtì, plọ́ọ̀gì àti gbogbo ohun tí wọ́n fi ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi odò sóko ṣe. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Sókótó ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ náà ló ti gbéyàwó. Malam ni àwọn Hausa ń pè é. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n jọ ń kírun ní àdúgbò Tudun Wada, tí wọ́n sì jọ ń ṣe ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ nínú wọn. Bàbá Fathiat ni wọ́n ń pè é, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo.

Kì í ṣe ẹni tó ń lépa ariwo. Ó kọ́lé kékeré kan sí Kasarawa, níbi tí ìlú ti ń tán lọ, torí ilẹ̀ ibẹ̀ kò wọ́n. Nígbà tí báńkì fi kún owó tí wọ́n ń gbà lórí iṣẹ́-ìjẹ́ orí fóònù tó ń sọ pé owó wọlé tàbí pé owó jáde, ó ní kí wọ́n má fi ránṣẹ́ sí òun mọ́. Òun mọ ohun tó ń wọlé, òun sì mọ ohun tó ń jáde.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oníṣòwò kan ní Kano fẹ́ máa kó ọjà fún un láwìn. Oníṣòwò náà ní òun fẹ́ rí bí owó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde nínú àkáǹtì rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Mùkáílà lọ sí báńkì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún un, ó mú un relé. Lẹ́yìn ìrun Àṣálẹ́, Fathiat ń bá a wò ó, ó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan, bàbá rẹ̀ ń dáhùn: ìyẹn owó ọjà, èyí owó iná, tọ̀hún owó ilé-ìwé rẹ. Ìgbà tó kan ìlà kan, bàbá rẹ̀ kò dáhùn.

Náírà ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì ló jáde lóṣù tó kọjá. Wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé gbèsè ni, wọ́n gbà á fún báńkì mìíràn.

Mùkáílà ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Bùsírátù ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń gbọ́ wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni bàbá àti ọmọ jókòó, tí wọ́n kọ̀wé sí báńkì lórí íméèlì. Gẹ̀ẹ́sì ni Fathiat fi tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ni, bó sì ṣe lọ nìyí:

“Orúkọ mi ni Mùkáílà Gbádéyan, oníbàárà yín ní Sókótó. Nínú àkọsílẹ̀ àkáǹtì tí ẹ tẹ̀ fún mi, mo rí owó tí ẹ yọ, tí ẹ ní gbèsè báńkì mìíràn ni. Mi ò yá owó lọ́wọ́ báńkì kankan. Mi ò fọwọ́ sí ìwé kankan, mi ò sì tẹ ohunkóhun lórí fóònù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi ẹni tó ní kí ẹ yọ ọ́, ẹ fi ẹ̀rí tó fi hàn yín hàn mí, kí ẹ sì dá owó mi padà. Mo so ojú ewé náà mọ́ ìwé yìí, mo sì fàlà sábẹ́ ibẹ̀.”

Wọ́n kọ nọ́ńbà àkáǹtì àti ọjọ́ tí owó jáde sí i. Fathiat kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ fi nọ́ńbà àṣírí káàdì sí i, ó ní báńkì kì í béèrè ìyẹn. Kò pẹ́ tí èsì fi wọlé pé wọ́n ti rí ẹ̀hónú náà, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọn yóò fi máa tọpa rẹ̀. Ọkàn Mùkáílà balẹ̀ díẹ̀. Ó rò pé àṣìṣe ni.

Lọ́jọ́ mélòó kan sí i, ẹ̀ka báńkì náà pè é. Tolúlọpẹ́, ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Yorùbá, ló jókòó sídìí tábìlì ẹjọ́ oníbàárà. Ó fún un ní àga, ó sì ṣàlàyé pé kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tó bá yáwó ní báńkì kan tó bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbà á níbikíbi, bí kò bá san án, báńkì náà lè fà á nínú àkáǹtì yòówù tó bá ní BVN kan náà. Kò sẹ́ni tó ń pe oníbàárà kí wọ́n tó ṣe é. Báńkì kan tí inú fóònù ni wọ́n ti ń yáni lówó ló fà á. Wọ́n ní Mùkáílà yáwó, kò san. Àkáǹtì kan wà níbẹ̀ lórúkọ rẹ̀, pẹ̀lú BVN rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n san owó náà sí. Ibẹ̀ náà ló ti jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

“Mi ò ní àkáǹtì níbẹ̀,” ni Mùkáílà wí.

“Bàbá, mo gbà yín gbọ́,” ni Tolúlọpẹ́ dáhùn. “Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́.”

Ó yí kọ̀ǹpútà sí i. Fọ́tò rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú fìlà búlúù. Ilé tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni ilé rẹ̀ ní Kasarawa. Orúkọ ìbátan tí wọ́n lè pè ni Bùsírátù, ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù náà kì í ṣe tirẹ̀.

Mùkáílà wo fìlà náà títí. Ó mọ ọjọ́ tó dé e. Nínú Ramadan tó kọjá, ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìrẹsì ń bọ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí oníkálukú mú NIN àti BVN rẹ̀ wá. Wọ́n tò sínú ọgbà mọ́sálásí, wọ́n ń fi fóònù ya ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kó ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú. Wọ́n ní kó yí orí, ó yí i. Ó gba ìrẹsì rẹ̀, ó relé. Àwọn tó ń ya fọ́tò lọ́jọ́ náà pọ̀. Kò rántí ọwọ́ ẹni tó bọ́ sí.

Tolúlọpẹ́ ní kó lọ búra ní kóòtù pé òun kọ́ ló yá owó náà, kó fi sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, kó mú ìwé méjèèjì wá. Ó bá a ti àkáǹtì rẹ̀ kí ohunkóhun má baà tún jáde. Ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ pe nọ́ńbà tó wà lábẹ́ orúkọ ìyàwó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó jẹun. Nígbà tí ọjà tutù lọ́sàn-án, ó jókòó sáàárín àwọn rọ́bà, ó tẹ nọ́ńbà náà tó ti há sórí ní báńkì. Ó dún díẹ̀, wọ́n gbé e.

“Bàbá Fathiat, ẹ kú ọjà o.”

Ohùn náà rọ̀. Kì í ṣe Hausa, kì í ṣe ọmọ Èkó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ nílé bàbá rẹ̀ ló ṣe fà á.

Mùkáílà béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

“Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí sùn, ẹ̀gbọ́n. Owó kékeré ni. Ẹ kọ̀wé sí báńkì pé ẹ ti rántí, pé ẹ̀yin lẹ yá a. A ó san ìyókù, wọn ò ní yọ tiyín mọ́.”

“Bí mi ò bá kọ ọ́ ńkọ́?”

“Kasarawa jìnnà síbi táwọn èèyàn wà. Ẹ̀yìn ilé yín, pápá ni.” Ó sì pa fóònù.

Mùkáílà ti ṣọ́ọ̀bù, ó forí lé ilé. Jummai, Hausa tó ń dín kósẹ̀, àkàrà wọn, nítòsí ilé Mùkáílà, ló pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní ọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá lọ́sàn-án, ó béèrè bóyá ilé Bayarabe, ìyẹn ọmọ Yorùbá, tó ń ta ohun ẹ̀rọ nìyẹn. Kò sọ̀kalẹ̀. Ó wo ilé náà, ó yípo lẹ́yìn rẹ̀, ó lọ.

Ìgbà náà ni Mùkáílà sọ gbogbo rẹ̀ fún Bùsírátù. Bùsírátù jókòó sílẹ̀. Ó ní kó kọ ìwé tí wọ́n ní kó kọ. Ó ní owó yẹn kò tó ohun tí wọn yóò tìtorí rẹ̀ jí ọmọ òun gbé, àwọn tí wọ́n jí gbé lẹ́bàá ìlú lọ́dún tó kọjá, ta ló rí wọn? Fathiat ń sunkún nínú yàrá. Mùkáílà kò bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn. Ẹ̀rù ń ba òun náà.

Ohun tó dá a dúró ni ọ̀rọ̀ Tolúlọpẹ́. Ọmọbìnrin náà ti sọ fún un lọ́jọ́ tó lọ sí báńkì pé bí ó bá lè gbà pé òun ló yá owó náà, gbèsè náà di tirẹ̀, èyí tí wọ́n bá tún yá lórúkọ rẹ̀ di tirẹ̀ pẹ̀lú, kò sì ní lẹ́nu tó máa fi jiyàn mọ́. Mùkáílà sọ fún Bùsírátù pé ẹni tó ń lo ojú òun báyìí kò ní dá a padà nítorí pé òun dákẹ́. Ó ní kó di ẹrù. Wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò Bùsírátù ní Tudun Wada, níbi tí ilé ti fún mọ́ ilé, tí èèyàn kò lè yípo lẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ó búra ní kóòtù. Ó fi sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì fún wọn ní nọ́ńbà tó pè. Fathiat tún íméèlì kọ, ó so àwọn ìwé náà mọ́ ọn, ó sì fi kún un pé ẹnì kan halẹ̀ mọ́ àwọn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé láìsí èsì gidi, Tolúlọpẹ́ rọra sọ fún wọn pé wọ́n lè gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní báńkì àgbà ìjọba. Wọ́n gbé e lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni báńkì orí fóònù náà wá jẹ́wọ́ pé fóònù tí wọ́n fi gba owó kì í ṣe èyí tó wà lórúkọ Mùkáílà, pé fọ́tò náà kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n ń ṣí àkáǹtì. Wọ́n dá owó rẹ̀ padà, wọ́n ti àkáǹtì náà pa, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn onígbèsè.

Àwọn ọlọ́pàá tọpa nọ́ńbà náà. Orúkọ obìnrin àgbàlagbà kan ní Ṣàkì ni wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, obìnrin náà kò sì dé Sókótó rí. Ibẹ̀ ni ìwádìí wọn parí sí.

Mùkáílà dìde nípàdé ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí gbogbo ẹni tó gba ìrẹsì ní Ramadan lọ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì wọn, kí wọ́n ka ìlà kọ̀ọ̀kan. Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àdúrà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, Mùkáílà la ojú sílẹ̀, ó ń fetí sí bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe àmín, èyí tó wà níwájú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ohùn gbogbo wọn jọra.

Kí oṣù náà tó parí, àwọn mẹ́ta ti wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, oníkálukú pẹ̀lú ìwé báńkì tí wọ́n ká sínú àpò. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ pé òun wá. Mùkáílà sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà kọ̀wé fún wọn, ó sì ní kí wọ́n má pe nọ́ńbà kankan. Bí ọ̀kan wọn ṣe ń lọ, ó béèrè lọ́wọ́ Mùkáílà ibi tó kó lọ báyìí ní Tudun Wada, pé òun fẹ́ wá kí ìyá Fathiat.

Mùkáílà wò ó. Ẹni tí wọ́n ti jọ ń kírun láti kékeré ni. Ó ní àwọn ṣì ń wá ilé, kò sì dárúkọ ilé àbúrò Bùsírátù.