Ilé Ọba tó Jó, lára Ògiri Aránṣọ

Láti àárọ̀ ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ ò ti lè jókòó. Ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó tún fà á yọ. Ó gbá ilẹ̀ tó ti gbá. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ṣùgbọ́n ọmọ onílé, tó jogún ilé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tó kú, ti ní kó kó jáde. Ọ̀rọ̀ ara ògiri ló fà á: ILÉ ỌBA TÓ JÓ, ẸWÀ LÓ BÙ SÍ I. Òkèèrè ni ọmọ náà dàgbà sí. Ó tú òwe náà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì gbà pé inú aránṣọ dùn sí iná tó jó ilé bàbá òun yìí lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ ti rìn dé ìlú kejì nínú ṣọ́ọ̀bù yìí," ni gbẹ́nàgbẹ́nà ìtòsí wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ tó o kọ ọ̀rọ̀ yìí sára ògiri lò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ibẹ̀ ni ọmọ onílé wọlé, lẹ́tà ìlénijáde lọ́wọ́. "Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ ti ń palẹ̀ mọ́?"

"Òwe lásán lọ̀rọ̀ ara ògiri yẹn, ọmọ mi."

"Òwe tó ní iná dára?"

Ìyá rí i pé "òwe lásán" ò lè gba òun sílẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín ẹ̀rọ àti fèrèsé.

"Gbọ́. Láyé àtijọ́, koríko la fi ń bo ilé. Bí tèmi bá jó, èmi àti ẹbí mi la máa tún un kọ́, níwọ̀n agbára wa. Ṣùgbọ́n ààfin kì í ṣe ilé ẹnìkan. Bó bá jó, àdúgbò kan á gé igi, òmíràn á po amọ̀, òmíràn á ru koríko. Kò sẹ́ni tó máa fẹ́ kí iṣẹ́ tirẹ̀ burú jù. Ìyẹn ni tuntun fi ń dára ju ti àtijọ́ lọ. Òwe náà ò yin iná, èèyàn ló ń yìn."

"Ṣé ọba wá ni yín?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi bi wọ́n, adé dà?"

"Èmi kì í ṣe ọba. Ẹni tí ilé rẹ̀ ò jó ló ń fi òwe yìí tu ẹni tí tirẹ̀ jó nínú. Mo jókòó sórí eérú lọ́jọ́ kejì iná, ni oníjàngbọ̀n yìí bá ru pákó dé. Ó fi èédú kọ ọ́ sára ògiri. Alágbẹ̀dẹ gbé ilẹ̀kùn wá, àwọn ará ilé kejì ru yanrìn. Wọ́n ṣe mí bí ọba. Nígbà tí a kun ògiri tán, mo ní kó fi ọ̀dà tún un kọ."

Ọmọ onílé wo ilẹ̀kùn, ó wo àjà. "Bàbá mi ńkọ́? Kí ni wọ́n mú wá?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà wúkọ́. Irọ́ ì bá rọrùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá ò pa á.

"Wọn ò mú nǹkan kan wá. Oṣù méjì kọjá kí wọ́n tó dé. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ yìí, ojú tì wọ́n. Wọ́n ní àwọn ló yẹ kó kọ́kọ́ dé."

Ọmọ náà ká lẹ́tà náà sínú báàgì.

"Bàbá mi nìyẹn. Wọn kì í tètè dé ibì kankan." Ó fọwọ́ kan ara ògiri. "Ọ̀dà yìí ti ń ṣí. Àwọ̀ wo lẹ lò? Màá mú un wá lọ́la."

"Búlúù," ni gbẹ́nàgbẹ́nà dáhùn kí Ìyá tó lanu. "Garawa méjì ni o."