Sùúrù tí Mo Fi Yin Àbẹ̀kẹ́

Ọjọ́ tí mo ka àròkọ mi síwájú kíláàsì ní Ìkìrun kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Wọ́n ní ká fi ojú ẹ̀tọ́ obìnrin wo Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó inú eré onítàn kan. Ẹni tó bá fìdí rẹmi yóò tún ọdún náà ṣe.

Mo kọ ọ́ pé akọni ni Àbẹ̀kẹ́ nítorí sùúrù rẹ̀. Olùkọ́ wa dá mi dúró.

“Ta ló sọ pé ó ní sùúrù?”

“Ọkọ ẹ̀ ni, mà. Ìyá ọkọ ẹ̀ náà sọ ọ́.”

“Òun fúnra ẹ̀ ńkọ́?”

Mo ṣí ìwé eré náà wò. Nínú ìran mẹ́rin, kò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Àfi bí mo ṣe rí ìtọ́ni fún òṣèré, èyí tí mo ti fò: bí ọkọ ṣe ń yìn ín, Àbẹ̀kẹ́ ń di aṣọ sínú àpò.

“Mà, ó fẹ́ lọ ni! Àwọn tí sùúrù ẹ̀ ń ṣe láǹfààní ló ń yìn ín. Ojú ọkọ ẹ̀ ni mo fi wò ó.”

“Lọ tún un kọ.”

Mo tún un kọ, mo sì yege. Ṣùgbọ́n kí n tó tún un kọ, mo kọ́kọ́ lọ sílé ní Òkukù, níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń yin sùúrù Màámi.

“Màámi, ṣé ẹ ní sùúrù lóòótọ́?”

Wọ́n bojú wẹ̀yìn, bóyá Bàámi wà nítòsí.

“Ta ló bi mí rí?”