Òrùlé Tí Wọ́n Kà sí Ilẹ̀

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú ni bí àwòrán náà ṣe tẹ́jú tó. Mo jókòó ní ọ́fíìsì wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, lókè ilé kan tí ẹ̀rọ ìlọta ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í dákẹ́, mo ń wo àdúgbò àǹtí mi ní Ìjẹ̀gùn lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ̀ àǹtí yìí, àbúrò ìyá mi, ni mo gbé nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Mo mọ àdúgbò náà bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà yẹn, ilẹ̀ ibẹ̀ rí pẹrẹsẹ láti etí ọ̀dà, ìyẹn títì, títí kọjá ilé àǹtí mi.

Irọ́ ni. Kí èèyàn tó dé ẹnu ọ̀nà àǹtí mi, àtẹ̀gùn ni yóò fi sọ̀ kalẹ̀ láti etí ọ̀dà. Bí o bá dúró sójú títì, páànù òrùlé rẹ̀ kò ju orúnkún rẹ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó kọ́ ọ. Tíṣà tó wá láti Èkìtì ni, owó oṣù ló ń fi kó búlọ́ọ̀kù jọ díẹ̀díẹ̀, nígbà náà sì rèé, a máa ń gun òkè díẹ̀ láti ojú ọ̀nà kí a tó wọ pálọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá tún ọ̀nà yẹn ṣe, wọn kì í hú ti àtijọ́ kúrò, iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n máa ń dà lé e lórí. Ọ̀nà ń ga sí i, àwọn ilé dúró síbi tí wọ́n wà. Báyìí, bí òjò bá rọ̀, gbogbo ohun tó bá wà lójú ọ̀dà, ọ̀dọ̀ wọn ló ń bọ̀.

Àwa la ń ya ìrísí ilẹ̀ náà fún àwọn tó ń tún ọ̀nà yẹn ṣe, tí wọ́n fẹ́ la gọ́tà ńlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí a bá fún ẹnjiníà wọn ni yóò fi pinnu ibi tí omi máa gbà. Bí a bá sọ fún un pé ilẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ga tó ọ̀dà, yóò gbà pé omi tó bá kún gọ́tà kò ní yà sọ́dọ̀ wọn, kò sì ní mọ ògiri kankan sí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Omi yóò wá máa já bọ́ sórí páànù àǹtí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí irọ́ ọ̀hún ṣe wọlé. Dúróònù ló gbé ẹ̀rọ láídà fò kọjá lórí àdúgbò náà. Ẹ̀rọ yìí máa ń ta ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ léraléra, á sì máa wo bí ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó kó tó padà. Ibẹ̀ ló ti ń mọ bí ohun tó bà ṣe jìnnà tó. Gbogbo ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá bà ló ń di àmì kan: páànù, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wáyà iná, orí kẹ̀kẹ́, ilẹ̀. Àwọn àmì wọ̀nyí pọ̀ bí yanrìn. Iṣẹ́ wa ni láti sẹ́ wọn bí ẹní sẹ́ ògì, kí ilé àti igi dúró sínú asẹ́ bí èérí, kí ilẹ̀ nìkan jò kọjá.

Sọ́fítíwíà ni asẹ́ wa. Á pín àdúgbò sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ojú àwọ̀n, á mú àmì tó rẹlẹ̀ jù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á gbà pé ilẹ̀ nìyẹn, á so wọ́n pọ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fi àwọn àmì mìíràn tó sún mọ́ ojú ilẹ̀ yẹn kún un, bí wọn kò bá ti ga sókè lójijì. Ọgbọ́n tó dáa ni. Ṣùgbọ́n igun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju òrùlé tó fẹ̀ jù ládùúgbò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè jẹ́ orí òrùlé gan-an ni àmì tó rẹlẹ̀ jù yóò wà. Ọ̀gá mi ló fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ Ìjẹ̀gùn, ìwọ̀n igun kéékèèké tí a lò fún oko gbalasa kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́ ló sì fi ṣe é. Kò yí ohunkóhun padà. Oko tí kò ní ilé kankan, ó fi sẹ́ àdúgbò tí òrùlé ti ń gun òrùlé.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló mú mi gbaná jẹ. Kí sísẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń yọ àwọn àmì tí kò dára dànù. Nígbà mìíràn ìmọ́lẹ̀ máa ń ta lára nǹkan kan sí òmíràn kó tó padà, yóò wá dà bí ẹni pé ó wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ. Nítorí náà, àmì tó bá dá wà, tó sì rẹlẹ̀ púpọ̀ sí àwọn tó yí i ká, pàǹtí ni sọ́fítíwíà máa kà á sí. Ní àdúgbò àǹtí mi, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ ló ráyè kọjá láàárín àwọn òrùlé. Èyí tó ráyè kọjá ba ilẹ̀ àgbàlá, ibi tí wọ́n ti ń sá aṣọ, tí wọ́n ti ń dáná. Mo ṣí ibi tí a kó pàǹtí sí, mo bá gbogbo wọn níbẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé ni a dà nù, òrùlé orí wọn ni a wá pè ní ilẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá mi. Ó ń jẹ búrẹ́dì, kò gbójú sókè.

"Ọ̀gá, ilẹ̀ Ìjẹ̀gùn yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Òrùlé àǹtí mi àti ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? A ti yẹ̀ ẹ́ wò. Gíga tí àwọn ọmọ wa lọ wọ̀n nílẹ̀ àti ti láídà bára mu régé. Lọ ka rípọ́ọ̀tù."

"Ibo ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, sà?"

Ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀. "Ojú títì. Àti pápá ilé ìwé yẹn."

"Ojú títì tó tẹ́jú, tí kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀. Ibẹ̀ kò lè ṣàṣìṣe láéláé. Ẹnì kankan ò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àgbàlá ẹnì kankan."

"Wàhálà rẹ ti pọ̀ jù, jàre. Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ṣé torí ilé ìbátan rẹ ni mo ṣe máa tún iṣẹ́ ṣe?"

Ara mi gbóná, mo kúrò níwájú rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ ilé ìbátan mi, ta ni ì bá mọ̀? Àwọn ilé tó wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀, tí wọn kò ní ọmọ ní ọ́fíìsì wa ńkọ́? Rípọ́ọ̀tù rẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ìdánwò tó rọrùn ló fún ara rẹ̀, ó wá ń ṣe ìgbéraga pé òun yege.

Ní Sátidé mo gbé lẹ́fẹ́lì, ẹ̀rọ tí a fi ń wo bí ilẹ̀ ṣe ga tó, àti ọ̀pá ìwọ̀n, mo kó wọn sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀gùn. Mo gbé lẹ́fẹ́lì kalẹ̀ sí etí ọ̀dà. Àǹtí mi ló bá mi di ọ̀pá mú nínú àgbàlá, ó nà án ró ṣánṣán bí ẹni tó fẹ́ na ọmọ kíláàsì.

"Kí lo ń wá gan-an?" ló bi mí.

"Mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé ilẹ̀ wà níbí, ma."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo wọn ti àwọn ará ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà. Ilẹ̀ àgbàlá wọn fi ohun tó ju ìdúró mi lọ rẹlẹ̀ sí ojú ọ̀dà. Nígbà tí mo délé, mo kó àwọn àmì tí a dà sínú pàǹtí padà, mo fẹ ìwọ̀n igun náà ju òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan tó wà lẹ́yìn ilé wọn lọ, mo tún un sẹ́. Mo gé e wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹní gé búrẹ́dì, ibi tí òrùlé kan bá sì ṣì fara pamọ́ sínú ilẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi yọ ọ́. Ilẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀ síbi tó yẹ, ó sì bá ohun tí lẹ́fẹ́lì sọ mu. Ọ̀gá mi wò ó, ó pòṣé, ṣùgbọ́n ó gbà á. Kò tọrọ àforíjì.

Ní Mọ́ńdè ẹnjiníà wá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, aṣọ rẹ̀ mọ́. Mo fi ìrísí ilẹ̀ náà hàn án, mo ń retí kí ó sọ pé òun yóò mọ ògiri, òun yóò sì gbé gọ́tà dé odò. Ó fi ìka tọ́ àdúgbò àǹtí mi.

"Kòtò nìyí," ló wí. "Ojú ọ̀nà omi ni. Kí làwọn èèyàn ń wá níbẹ̀?"

"Kì í ṣe kòtò, sà." Mo fa ìlà tí mo fi ń gé ilẹ̀ wò gùn kọjá títì, sí òdìkejì tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́, mo gé e wò lójú rẹ̀. "Ẹ wo òdìkejì. Bákan náà ni ilẹ̀ ṣe rí lápá méjèèjì. Ọ̀nà yín ló yọ sókè láàárín. Àwọn wọ̀nyí ò sọ̀ sínú kòtò, ẹ̀yin lẹ kọ́ òkè sí ẹnu ọ̀nà wọn."

Mo mọ̀ pé ohùn mi ti lọ sókè jù. Ọ̀gá mi ń fi ojú sọ fún mi pé kí n panu mọ́. Ẹnjiníà wo àwòrán náà títí. Ó lóye rẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó lóye rẹ̀. Ó wá ní, "Màdáámù, a dúpẹ́. Iṣẹ́ yín dára gan-an ni," ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àǹtí mi pè mí. Mo bá a ní àgbàlá, ó jókòó lórí àpótí. Ọ̀dà pupa wà lára ògiri rẹ̀ àti lára gbogbo ilé tó wà ní ìlà yẹn, wọ́n fi kọ ọ́ gàdàgbà pé kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Ojú ọ̀nà, tó fa gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó kùn ún. Inú bí mi dé ibi tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí bú ẹnjiníà, mo bú ọ̀gá mi, mo bú àwọn tó ń da iyẹ̀pẹ̀ lé iyẹ̀pẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ó jẹ́ kí n bú wọn tán.

"Ẹni tó wá kùn ún," ló wí, "ó ní lórí àwòrán tuntun ni àwọn ti rí wa. Ọmọ mi, ṣé wọn ò lè padà sí ti tẹ́lẹ̀?"

"Ti tẹ́lẹ̀ yẹn, Àǹtí, omi ni wọn ò bá darí sórí yín."

"Omi a máa wá," ni àǹtí mi wí. "A sì máa fà lọ."