Bátìrì Ọlọ́dún Mẹ́jọ

Ọ̀sán gangan ni bátìrì wa kú. Mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Aiyetoro nígbà tí ẹ̀rọ Màmá ké fíì, tó sì dákẹ́.

Èéfín gàrí tí Màmá fi ọ̀pọ̀ ọdún yan ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Ẹ̀rọ kan ló ń sẹ́ atẹ́gùn inú yàrá, tó ń fi rọ́bà tín-ínrín rán an sí imú wọn. Bí wọ́n bá mú iná lọ, bátìrì méjì ló ń gbé ẹ̀rọ náà. Nígbà tí wọ́n wà ní tuntun, wákàtí márùn-ún ni wọ́n ń lò. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ọdún méjì péré ni a ti rà wọ́n.

Nígbà tí mo dé yàrá, ètè Màmá ti ń dúdú. Wọ́n di bẹ́ẹ̀dì mú, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Mo sáré kọjá títì lọ bá fọganáísà tó dojú kọ ilé wa. Ó gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wá láìbéèrè ohunkóhun. Mo di ọwọ́ Màmá mú títí ẹ̀rọ fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣòwò ní Eggua, dé lọ́jọ́ kejì.

“Irú rẹ̀ náà ni màá tún rà wá láti òdìkejì bọ́dà,” ni wọ́n wí. “Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà ni méjèèjì.”

“Wáràńtì rẹ̀ ńkọ́?”

“Ọdún kan. Ìwé Faransé rẹ̀ wà nínú páálí.”

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa gbé e padà kọjá bọ́dà bó bá bàjẹ́?”

Wọ́n fa àga kan, wọ́n jókòó.

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìlaròó. Mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń ta bátìrì lítíọ́ọ̀mù, wáràńtì ọdún mẹ́jọ. Mo mú bírò. Ti bọ́dà ń lo ọdún méjì: ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún lọ́dún. Ti Ìlaròó, bí a bá pín in sí ọdún mẹ́jọ, igba ẹgbẹ̀rún lọ́dún.

Ẹ̀gbọ́n wo ìwé náà pẹ́. Wọ́n wá rẹ ohùn wọn sílẹ̀. “Bí a ò bá lò ó tó ọdún mẹ́jọ ńkọ́? Bó bá jẹ́ ọdún méjì péré, ẹgbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún lọ́dún ló máa bọ́ sí.”

Mo mọ ohun tí wọ́n ń bi mí. Mo tún un ṣírò. Fún ọdún mẹ́rin, ti bọ́dà a máa ná wa ní mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún, owó rẹ̀ sì kéré sí ti Ìlaròó. Bó bá wọ ọdún karùn-ún, a ó ra ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ti Ìlaròó yóò sì borí. Gbogbo rẹ̀ wá di pé: ṣé Màmá máa lò tó ọdún mẹ́rin? Mo fi ọwọ́ bo ìwé náà bí ẹni tó kọ ohun burúkú.

“Mo ń gbọ́ yín,” Màmá sọ láti inú yàrá. A ò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́. “Bí mo bá lọ, ṣé òkùnkùn lẹ máa jókòó sí? Ẹ fi ọdún bátìrì pín in. Ẹ má fi tèmi pín in.”

Ẹ̀gbọ́n dìde, wọ́n lọ dúró síta.

Kí n tó sanwó ní Ìlaròó, mo bi oníṣọ́ọ̀bù pé, “Bó bá kú, kí ni Màmá máa lò títí ẹ ó fi tún un ṣe?” Ó ní òun á yá wa ní òmíràn. Mo ní kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́. Ó kìlọ̀ pé bí a bá tú u fúnra wa, wáràńtì ti parẹ́ nìyẹn.

Ní oṣù kọkànlá lẹ́yìn tí a rà á ni ó ṣẹlẹ̀: bátìrì náà gbé iná pupa jáde, kò sì gba iná sára mọ́. Iná ìjọba wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ta ló mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un? Mo wọkọ̀ lọ sí Ìlaròó pẹ̀lú rìsíìtì nínú àpò mi. Mo rò pé ṣọ́ọ̀bù náà á ti kó lọ. Ó wà níbẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù ka ohun tó kọ, ó gbé òmíràn tẹ̀ lé mi wálé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n fi tuntun rọ́pò tiwa, a ò san kọ́bọ̀.

Ọdún kẹta la wà yìí. Màmá ti rù sí i. Tí wọ́n bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí n ó fi rí i tí àyà wọn gbéra.