Ọwọ́ Òsì ní Kọ́nà Kejì

Ẹnikẹ́ni kò pè mí wá kọ́ àwọn ọmọ náà ní eré sísá. Èmi fúnra mi ni mo wẹ̀, tí mo wọ ṣòkòtò eré mi àtijọ́, tí mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé girama tó wà ládùúgbò wa ní Ayétòrò. Mo ní mo ti sáré fún ìpínlẹ̀ yìí rí, mo sì fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin náà wo orúnkún mi tí mo fi báńdéèjì dì, ó wo ojú mi, ó ní, "Mà, ṣé ẹ ò níṣẹ́ nílé ni?"

Òótọ́ ló sọ. Mi ò níṣẹ́ nílé. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi wà lọ́nà jíjìn, ọjọ́ Sunday ni wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù. Ilé bàbá mi tí mo padà sí ní yàrá márùn-ún, ọ̀kan ṣoṣo ni mò ń ṣí. Àwọn ará àdúgbò ń kí mi, mo sì ń dá wọn lóhùn, wọ́n á sì kọjá lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé oníbúrẹ́dì nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀gá náà fún mi ní wákàtí kan, láti aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kò fi bò fún mi rárá. Ó ní àwọn òbí ń bèèrè ẹ̀kọ́ àfikún fún àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò, wákàtí yẹn gan-an ni wọ́n sì fẹ́. "Ìdíje àwọn ilé-ìwé ń bọ̀ ní Ìlarò. Bí àwọn ọmọ yín bá wọ àṣekágbá, wákàtí yẹn ti di tiyín. Bí wọn ò bá wọ̀ ọ́, ẹ má bínú, mà, ẹ̀kọ́ àfikún ni màá gbé síbẹ̀." Mo ní mo gbà. Kí ni mi ò bá tún sọ?

Mo ṣa ọmọbìnrin mẹ́rin fún rìlé, eré tí ẹni mẹ́rin ń sá tí wọ́n ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Òun ni mo sá jù nígbà ayé mi, kọ́nà kejì, ìyẹn ipò ẹni kẹta, sì ni tèmi. A ò ní ọ̀pá gidi. Mo ní kí púlọ́ńbà kan gé páìpù omi fún wa, kó tó rúlà ọmọ ilé-ìwé, mo sì fi bébà oníyanrìn ha ẹnu rẹ̀ kó má baà gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Àwọn tó ń wòran rò pé ẹsẹ̀ la fi ń borí nínú rìlé. Irọ́ ni. Ọwọ́ ni. Ẹni àkọ́kọ́ á fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá mú, nítorí kọ́nà ló ń sá, ó sì fẹ́ fara mọ́ ìlà inú. Ẹni kejì á fi ọwọ́ òsì gbà á, ẹni kẹta á fi ọ̀tún gbà á, ẹni kẹrin á tún fi òsì gbà á. Báyìí, ẹni tó ń bọ̀ kò ní tẹ ẹni tó ń lọ ní gìgísẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní pààrọ̀ ọwọ́ lójú eré. Ọwọ́ tó bá gba ọ̀pá náà ló máa gbé e délé.

Ẹni tó fẹ́ gbà á kì í wo ẹ̀yìn nígbà tó bá ti ṣí. Á ka ẹsẹ̀ ogún sẹ́yìn láti ibi tó dúró sí, á da eérú síbẹ̀. Bí ẹni tó ń bọ̀ bá ti tẹ eérú yẹn, òun náà á ṣí, á máa sáré bí ẹni tí kò retí nǹkan kan. Nígbà tó bá gbọ́ "Ọwọ́!" lẹ́yìn rẹ̀, á na ọwọ́ sẹ́yìn gbọnrangandan, á sì dúró dè é pé ohun tó ń retí á bọ́ síbẹ̀. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọdún mélòó ni mi ò ti na ọwọ́ sẹ́yìn sí ẹnikẹ́ni.

Ẹni kẹrin wa, ọmọ gíga kan tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ gùn, ló fún mi níṣẹ́ jù. Ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, wọ́n sì ti gbá ọwọ́ òsì rẹ̀ láti kékeré débi pé kò lè fi gba ohunkóhun lọ́wọ́ èèyàn. Bí mo bá ní "Òsì!", á na òsì, bí ọ̀pá bá ti kù díẹ̀ kó kàn án, á fà á sẹ́yìn, á na ọ̀tún. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa rọra sáré yí pápá ká ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, kí ọ̀pá máa ti ẹ̀yìn lọ síwájú, títí ọwọ́ òsì rẹ̀ fi gbàgbé ìtìjú. Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tó gbà á pẹ̀lú eré gidi láì yíjú, inú mi dùn débi pé mo dá jó lórí pápá pẹ̀lú orúnkún burúkú yìí.

Ní ọjọ́ kan, ibà mú ẹni kẹta, ọmọ kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó sì mọ kọ́nà sá ju gbogbo wọn lọ. Mo dúró sí ipò rẹ̀. Mo tiro sáré bọ̀, mo kígbe "Ọwọ́!", ọmọ gíga náà kọ ẹ̀yìn sí mi, ó na òsì sẹ́yìn, ó já ọ̀pá gbà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá àgbà rẹ̀ ń ti oko bọ̀, wọ́n dúró lábẹ́ igi tíìkì etí pápá, wọ́n sì rí gbogbo rẹ̀.

Wọ́n sọ igbá orí wọn kalẹ̀. "Àbúrò mi, ṣé ojú mi ló ń ṣe mí ni? Ọwọ́ òsì lọmọ yìí fi gba nǹkan lọ́wọ́ yín? Tó tún kẹ́yìn sí yín?"

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. "Ẹ má bínú, mà. Eré ni. Bí wọ́n ṣe ń sá a nìyẹn."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá kọ́ ọ níbí, ṣé kò ní gbé e wálé? Ọmọ ilé ọkọ la ń tọ́ o. Ẹ bá mi yí i padà, ẹ jọ̀ọ́."

Èsì wà lẹ́nu mi. Mo lè sọ pé rárá. Mo lè ṣàlàyé títí wọ́n á fi gbọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní, "Màá yí i padà, mà." Ojú tì mí ni, torí ọmọ ibí lèmi náà, wọ́n sì gbá ọwọ́ òsì tèmi náà rí.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbà gbé àpótí ìjókòó wá sí etí pápá, wọ́n sì gbé làfún àti ọbẹ̀ ilá wá fún mi nínú abọ́ onídèérí. Wọ́n wá ní ọjọ́ kẹta. Wọ́n wá lójoojúmọ́. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ, a jọ máa ń jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa oko wọn lọ́nà Ìmàsàyí, nípa ọkọ wọn, nípa ẹ̀fọ́rí. Láti ìgbà tí mo ti padà sílé, ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó tì mí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tún sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ òsì mọ́. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà, mo sì mọ̀ ọ́n báyìí.

Bí ẹni kẹrin bá máa fi ọ̀tún gbà á, ọwọ́ òsì ni ẹni kẹta gbọ́dọ̀ fi fún un. Nítorí náà, mo kọ́ ọmọ kúkúrú náà pé tó bá ti fi ọ̀tún gba ọ̀pá, kó pààrọ̀ rẹ̀ sí òsì ní àárín kọ́nà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ṣebí ẹ ní ẹnikẹ́ni kì í pààrọ̀ ọwọ́?" Mo ní, "Ṣe bí mo ṣe wí." Kò bi mí mọ́. Lórí pápá wa, tí eré kò tíì le, ó ń pààrọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Ní Ìlarò, ilé-ìwé méjì àkọ́kọ́ nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló ń wọ àṣekágbá. Ìyá àgbà bá wa lọ, wọ́n wé gèlè. Ẹni àkọ́kọ́ wa ṣí dáadáa. Ẹni kejì fún ẹni kẹta lọ́pàá, àwa la sì wà níwájú, iwájú tó hàn gbangba. Ọmọ kúkúrú náà fara mọ́ ìlà inú, ó ń ya kọ́nà náà bí mo ṣe ń yà á nígbà ayé mi. Lẹ́yìn náà, ó mú ọwọ́ méjèèjì wá síwájú àyà láti pààrọ̀. Eré ti pọ̀ ju ti pápá wa lọ, òógùn sì wà lọ́wọ́. Páìpù náà fò sókè, ó bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ.

Òfin ni pé ẹni tó jẹ́ kó bọ́ ló gbọ́dọ̀ mú un. Ó padà, ó tẹ̀ ba, ó mú un, ó tún sáré. Ẹni kẹrin fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó sáré bí ẹni tí ẹkùn ń lé, ó kọjá ẹni méjì. Ipò kẹta la ṣe.

Nínú bọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni kò jókòó ti ọmọ kúkúrú náà. Ìyá àgbà mi orí, wọ́n ní, "Ọmọ yẹn ló jẹ́ kó bọ́." Gbogbo bọ́ọ̀sì gbọ́ ọ. Mo wà níbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Mo wo ojú fèrèsé títí a fi dé Ayétòrò. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé mi, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń dùn mí jù.

Wákàtí mi lọ. Ìyá àgbà náà kò wá mọ́, torí kò sí eré tí wọ́n á máa wò. Wọ́n máa ń kí mi lójú ọ̀nà, wọ́n á sì kọjá lọ.

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń gbé mi lọ síbẹ̀ láago mẹ́rin. Mo máa ń dúró lábẹ́ igi tíìkì, màá máa gbọ́ olùkọ́ ìṣirò nínú kíláàsì. Ní ọjọ́ kan, ọmọ kúkúrú náà tọrọ àyè, ó jáde wá bá mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni páìpù náà wà láti ìgbà tí a ti Ìlarò dé. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.

"Mọ́mì, ṣé èmi ni mo bà á jẹ́?"

"Èmi ni," ni mo wí. "Mo mọ̀ pé kò yẹ kí o pààrọ̀ ọwọ́, mo sì ní kí o pààrọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì. Màá sọ ọ́ fún ọ̀gá yín, màá sì sọ ọ́ fún ìyá àgbà yẹn lónìí. Dìde. Mú páìpù náà dání, padà sẹ́yìn."

Ó dìde, ó ka ẹsẹ̀ ogún sẹ́yìn. Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú koríko, èmi náà sì ṣí, mò ń tiro lọ, mi ò wo ẹ̀yìn.

"Ọwọ́!"

Mo na òsì sẹ́yìn. Láti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, kò yẹ̀ rárá.

Nígbà tí mo fi máa dúró, tí mo yíjú, ó ti ń sáré padà sí kíláàsì, torí wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀. Mo di páìpù náà mú lọ́wọ́ òsì títí mo fi dé ilé ìyá àgbà, mo sì kan ilẹ̀kùn.