Ìdajì Ìwé Agbẹ̀bí

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oníkálàmù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn nọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe olùkọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ka ìwé àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó tó dé ọwọ́ ìgbìmọ̀, kó sì tún gbólóhùn tó bá wọ́ ṣe. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti wà lẹ́nu ẹ̀ nínú yàrá kẹrin, níbi tí fèrèsé kò ti ṣeé ṣí, tí àga àlejò sì fi bíríkì ṣe ẹsẹ̀ kẹrin. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Bí o bá gbé ìwé rádaràda wá, á wò ọ́ láti òkè délẹ̀, á ní, "Ọmọ mi, ta lo ń bá jà nínú ìwé yìí?"

Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń dá ìwé kọ dé, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi fóònù kọ pírójẹ́ẹ̀tì látorí bẹ́ẹ̀dì, ara àwọn àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kò gbà á mọ́. Wọ́n lọ ra ẹ̀rọ mìíràn tí yóò máa tú àṣírí ti àkọ́kọ́. Ìyá Oníkálàmù sọ ọ́ ní Aṣòfófó. Bí o bá da ìwé sínú rẹ̀, á pe iye kan nínú ọgọ́rùn-ún, òfin sì ni pé ìwé tó bá ti kọjá ogún di iṣẹ́ ẹ̀rọ, kò ní wọlé, ilé ló ń lọ. Ta ni wọ́n gbé Aṣòfófó lé lọ́wọ́? Ìyá Oníkálàmù náà ni. Òun nìkan ló sì ka ìwé ìlò tó bá a wá, torí kò sí ohun tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ sí tí obìnrin yẹn kì í kà, títí kan ẹ̀yìn páálí ọṣẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni agbẹ̀bí kan tó padà wá kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà gbé ìwé tirẹ̀ wá. Ọdún méjìlélógún ló ti ń gbẹ̀bí, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ti sọ fún un pé bí kò bá mú ìwé ẹ̀rí tuntun wá kí oṣù tó parí, àwọn á gbé e kúrò ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí lọ sí yàrá ẹrù, kó lọ máa pín ìbọ̀wọ́. Ọ̀rọ̀ tó máa ń já sílẹ̀ nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé bá ń fa iṣẹ́ lé àwọn tó ń wọlé lọ́wọ́ ló kọ ìwé rẹ̀ lé lórí, àti ohun tí èyí ń fi ojú àwọn ìyá rí. Inú ìwé kíkọ mẹ́ta ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ó ní kí ẹ̀rọ bá òun to gbólóhùn kó gún. Kò fi bò rárá.

Aṣòfófó ka ìwé náà, ó ní àádọ́ta.

Alága ìgbìmọ̀ fẹ́ràn ìdájọ́ òdodo ju oúnjẹ lọ. Ó ní, "Ìdajì ni ènìyàn kọ, ìdajì ni ẹ̀rọ kọ. Ká má ṣìkà. Ká gba ìdajì tirẹ̀ wọlé, ká yọ ti ẹ̀rọ dànù." Àwọn méjì tó kù nínú ìgbìmọ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ má bínú sà," Ìyá Oníkálàmù wí, "iye yẹn kọ́ ni ìwọ̀n ohun tí ẹ̀rọ kọ. Bó ṣe dá Aṣòfófó lójú tó pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́ ló ń sọ. Àádọ́ta ni pé kò mọ̀."

"Ẹ̀rọ tí a torí ẹ̀ pàdé nígbà mẹ́sàn-án ni kò mọ̀? Ẹ lọ bá wa wá ibi tí ààlà ti ènìyàn àti ti ẹ̀rọ wà, Màmá," alága wí.

Ó lọ wá a. Ó da gbólóhùn àkọ́kọ́ sínú rẹ̀, Aṣòfófó ní ó kéré jù, òun kò lè sọ nǹkan kan. Ìpínrọ̀ kìíní nìkan: mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ìkíní àti ìkejì pọ̀: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó yọ gbólóhùn kan péré, iye náà fò sókè bí ewúrẹ́ tó rí ajá. Ojú ewé tí agbẹ̀bí ti sọ̀rọ̀ ìyá kan tí ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ lára rẹ̀, èyí tó fi ojú ara rẹ̀ rí, Aṣòfófó ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Ìpínrọ̀ ìdúpẹ́ tí fóònù dá fi kún un láìbẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ó ní ènìyàn gidi ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí fóònù bá kọ tirẹ̀ láti A dé òpin gba mẹ́jọ péré, torí ó jókòó, ó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀, ó ń gé gbólóhùn sí kúkúrú. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, tẹ̀ríntẹ̀rín, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Wò ó," Ìyá Oníkálàmù sọ fún agbẹ̀bí, "Aṣòfófó kò rí orí tó ro ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ló rí. Bí ọ̀rọ̀ bá ń dé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ síbi tí gbogbo ayé ti ń retí rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ ni. Bó bá ń ta gbọ̀ngbọ̀n, ó ní ènìyàn ni. Ìwé ènìyàn pọ́ńbélé àti ìwé ẹ̀rọ pọ́ńbélé ni wọ́n fi kọ́ ọ. Tìrẹ wá rèé, èrò tìrẹ, ọ̀rọ̀ méjì tìrẹ, mẹ́ta ti fóònù, nínú gbólóhùn kan náà. Ibo ló fẹ́ fa ìlà sí?"

Agbẹ̀bí ní, "Màmá, ọmọ tí mo bá gbà, n kì í wá ìdajì tó jẹ́ ti bàbá kí n tó wẹ̀ ẹ́."

Ìyá Oníkálàmù gbé èsì padà pé ààlà kò sí. Ìgbìmọ̀ ní kí agbẹ̀bí tẹ ìwé kíkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe kọ wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó tẹ̀ ẹ́. Aṣòfófó ní mẹ́ta. Alága yọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó dé ojú ewé kẹrin ló gbé e sílẹ̀.

"Kò yé mi," ó wí. "Ẹ lọ wá ẹni tó máa bá yín tún un ṣe."

Agbẹ̀bí kó ìwé rẹ̀ jọ, ó jáde. Ó jókòó sórí àga oníbíríkì ní yàrá kẹrin, omijé ń bọ́ sórí ìwé. Inú bí Ìyá Oníkálàmù. Ó ti àwọn ìwé yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú pẹ́ńsù. Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi jókòó ti ìwé yẹn. Á bi í, "Kí lo fẹ́ sọ níbí?" Agbẹ̀bí á fẹnu sọ ọ́, òun á tò ó kó gún. Wọn kò tan fóònù rárá. Nígbà tí wọ́n parí, ìwé náà ń dán, ó ń ṣàn geere.

Aṣòfófó ka èyí náà. Ó ní mẹ́rìnléláàádọ́rin.

"Ẹ̀rọ wo ló tún un ṣe?" alága bèèrè. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí oṣù parí.

"Èmi ni, sà."

"Ẹ̀rọ ní ẹ̀rọ ni."

"Èmi náà ní èmi ni."

Alága kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó kàn fẹ́ kí ìwé bá ìwé mu ni. Ó ṣí ìwé òfin. Kò sí òfin fún ènìyàn tó gba mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ohun tó wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì kà dé rí, ni pé bí wọ́n bá lo ẹ̀rọ láti tún ọ̀rọ̀ tò, tí wọ́n sì kéde orúkọ ẹ̀rọ náà lójú ewé tó kẹ́yìn, ìwé náà lè wọlé, iye yòówù kó gbà. Ó wo Ìyá Oníkálàmù tìtìjútìtìjú.

"Màmá, ṣé ẹ máa lè..."

Ó yé Ìyá Oníkálàmù. Ó wo agbẹ̀bí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó di àpò rẹ̀ mú gírígírí. "Ẹ kọ mí síbẹ̀," ó wí.

Ọjọ́ kejì ni agbẹ̀bí mú ìwé ẹ̀rí dé wọ́ọ̀dù, ó sì gba ọmọ méjì kó tó di ọ̀sán. Ó fi ẹ̀dà ìwé àṣekágbá rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí yàrá kẹrin. Ìyá Oníkálàmù ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn, ó kà á: *Ẹ̀rọ tí a lò: Ìyá Oníkálàmù, yàrá kẹrin.* Ìwé tó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, kò tíì sí ọ̀kan tó dárúkọ rẹ̀ rí. Ó fi láílọ́ọ̀nù wé e, ó gbé e lọ sílé lọ fi han ọkọ rẹ̀.