Dúrọ́ọ̀ Tó Dàgbà Ju Àpótí Rẹ̀ Lọ

Ní ìdílé ìyá mi, ẹni tí baba ńlá rẹ̀ kò bá ti bá ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ tó kó àwọn tó gba òmìnira lóko ẹrú láti Amẹ́ríkà dé, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí. Bàbá tèmi wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Monrovia ni. Láti kékeré ni mo ti mọ àga mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Caldwell ní àpótí aṣọ kan, onídúrọ́ọ̀ mẹ́rin, tó ní ó bá ọkọ̀ yẹn dé. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn fẹ́ pàtẹ nǹkan àtijọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ó sì ti ṣèlérí rẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Obìnrin kan níbẹ̀ ní irọ́ ni. Ni ẹ̀gbọ́n màmá bá ní kí n wá ẹlẹ́rìí.

Mo mú ọ̀rẹ́ mi lọ, tó ń tún àga àtijọ́ ṣe ní Gurley Street. Yunifásítì kan náà la jọ lọ. Òun kọ́ ìtàn, èmi kọ́ bí a ṣe ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé awò sójú, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń yí àpótí náà ká bíi dókítà àgbà.

Ó fa dúrọ́ọ̀ òkè jáde. “Ẹ wo eyín tí pákó fi di ara wọn mú ní igun yìí, mà. Gbogbo wọn dọ́gba. Ẹ̀rọ ló gé e.” Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí pákó ẹ̀yìn. Àpá ayùn tẹ̀ níbẹ̀ bí orí èékánná. “Ayùn roboto tó ń yí nìyí.” Ó tú síkúrù kan, ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó. “Síkúrù ayé ọkọ̀ yẹn kì í mú báyìí. Wọn ò tíì kan àpótí yìí nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n màmá yíjú sí mi. “Ọ̀rẹ́ rẹ yìí, ará Nàìjíríà ni, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Mo rí i.”

Dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ takú. Àwa méjèèjì fà á títí mo fi fìdí jókòó sílẹ̀, dúrọ́ọ̀ lórí itan mi. Ọ̀rẹ́ mi tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Eyín tibí yìí, ọ̀kan sanra, ọ̀kan tín-ín-rín. Àpá ayùn rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n àlàfo wọn kò dọ́gba. Ó tú síkúrù ibi kọ́kọ́rọ́: ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹni pé wọ́n gé e, ilà orí rẹ̀ tí a fi ń tú u sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ṣí irin kọ́kọ́rọ́ náà kúrò, kò sí ihò síkúrù mìíràn lábẹ́ rẹ̀.

“Ọwọ́ ló gé èyí, wọn ò sì pààrọ̀ irin rẹ̀ rí,” ó ní. “Wọ́n lẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè bá àyè mu, wọ́n wá kun gbogbo wọn ní ọ̀dà kan náà. Inú àpótí àtijọ́ ló ti wá. Ó lè bá ọkọ̀ dé, mà. Igi ò kàn sọ ẹni tó gbé e ni.”

Ẹ̀gbọ́n màmá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó wo àpótí, ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. “Ọ̀kan ti òkèèrè wá, ìyókù ará ilé. Ṣebí irú ẹ̀ la bí sílé yìí, tí à ń fi sẹ́yìn.”

Ohun tó kọ sórí káàdì àpótí náà lọ́jọ́ Àìkú nìyí: dúrọ́ọ̀ kan lè ti òkun wá, mẹ́ta yòókù jẹ́ ará ilé. Obìnrin tó pè é ní irọ́ wá fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, kò ṣí.

“Ẹ rọra, mà,” ni ẹ̀gbọ́n màmá wí. “Òun lẹ̀gbọ́n wọn.”

Iwájú ni mo jókòó lọ́jọ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n màmá gan-an. Ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa bá òun fa dúrọ́ọ̀ náà.